Etí Irun Kì í Ṣe Ìlà

Ní Sabon Gari, lẹ́yìn odi ìlú Kánò àtijọ́, níbi tí ìjọba amúnisìn fi àwọn ará Gúúsù sí, ìsìnkú kì í kọjá láìsí bánà. Fọ́tò tí wọ́n máa ń gbé wá fún un kì í sábà ju èyí tí wọ́n fi fóònù yà níwájú ògiri ilé. Láti yọ ojú àti èjìká kúrò lára ògiri kò ṣòro. Irun ni wàhálà.

A máa ń wá ìlà níbi tí ìlà kò sí. Irun wa tó ká jọ máa ń ṣá díẹ̀díẹ̀ létí: nínú ẹyọ àwọ̀ kan náà, ìdajì lè jẹ́ irun, kí ìdajì jẹ́ ògiri. Ẹni tó bá fi Pen Tool gé e ti dé fìlà fún olóògbé nìyẹn. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ fún ọmọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà pé, "Brọ̀dá, èyí kì í ṣe orí màámi," òótọ́ ló sì sọ.

Fọ́tò ìyá obìnrin náà nìyí: irun dúdú tí wọn kò dì, ògiri aláwọ̀ ojú ọ̀run, a sì fẹ́ gbé e sórí àwọ̀ wáìnì. Ní Channels, Blue ni mo máa yàn, torí ibẹ̀ ni ògiri ti funfun jù tí irun ṣì dúdú. Mo máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí n tẹ Ctrl+L, kí n sì fà á títí irun yóò fi dúdú kirikiri, tí ògiri yóò fi funfun. Ṣùgbọ́n mi ò ní fà á tán: eérú díẹ̀ gbọ́dọ̀ kù létí, òun gan-an ni irun náà. Burn àti Dodge yóò tún ibi tó kù ṣe. Lẹ́yìn náà, Ctrl+I ni kí irun lè di funfun. Mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun ojú, eyín àti léèsì rẹ̀, kí n tó sọ gbogbo rẹ̀ di Layer Mask.

Tí ó bá dé orí àwọ̀ wáìnì, òrùka búlúù kan á yọ yí orí ká. Ògiri tó pín ẹyọ àwọ̀ pẹ̀lú irun ló ṣe é. Lórí funfun, a lè má rí i. Ìdí nìyí tí mo fi ń wò ó lórí àwọ̀ tí yóò gbé gan-an. Decontaminate Colors lè mú un kúrò, àmọ́ ó máa ń ba àwọ̀ irun náà jẹ́ nígbà mìíràn. Mo fẹ́ràn kí n fi àwọ̀ irun fúnra rẹ̀ kun etí náà lórí léyà kan tí mo so mọ́ fọ́tò, ní Multiply.

Àwọn ẹyọ irun tó ń fò wá ńkọ́? Ọyẹ́ Kánò gbẹ, ó sì máa ń mú kí irun àtọwọ́dá nà sókè. Èyí tó bá dá dúró jìnnà sí orí ni mo máa ń pa rẹ́; èyí tó bá sún mọ́ orí, mo máa ń fi í sílẹ̀.

Bí ògiri bá dúdú bí irun, Channels kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n mú fọ́tò mìíràn wá, tàbí kí ẹ fi ògiri náà sílẹ̀.