Ènìyàn 12, ọjọ́ 14, àti ìpè màmá kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gèèmù ayò ọlọ́pọ́n tí mo ti ń pariwo ẹ̀ níbí ti wà lórí Play Store o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí kó tó débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì ara ẹni lórí Google Play lẹ́yìn ọjọ́ 13, oṣù kọkànlá, ọdún 2023, ẹ ò lè ṣàdédé gbé gèèmù jáde fún gbogbo ayé. Ẹ máa kọ́kọ́ pe àwọn ènìyàn díẹ̀ kí wọ́n dán an wò. 20 ni wọ́n ń bèèrè tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024 wọ́n sọ ọ́ di 12. Àwọn 12 yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ìdánwò náà fún ọjọ́ 14 láìjá.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo pe ènìyàn 12 géérégé. Mo kó ìmeèlì wọn sínú Closed testing, mo fi línkì ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ní ojú ìwé náà ò ṣí. Gmail tó fún mi kọ́ ló wà nínú Play Store fóònù ẹ̀! Gmail tí mo kọ sílẹ̀ gan-an ló gbọ́dọ̀ fi tẹ Become a tester.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnìkan padà sórí línkì yẹn, ó yọ ara ẹ̀ kúrò. Ó rò pé iṣẹ́ ti parí. Ó ku 11. Ẹni tí mo fi rọ́pò ẹ̀, ọjọ́ kìíní ló ti máa bẹ̀rẹ̀ 14 tiẹ̀. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ká ní mo pe 18 ni, mi ò bá má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹni tuntun yìí, Agbowó ló ń gbé. Mo lọ jókòó tì í, mi ò sọ̀rọ̀. Ó ti jẹ ọmọ ayò 19 nínú 48, ó ku 6 kó borí, ni màmá ẹ̀ bá pè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ó tún yà sí Fesibúùkù. Nígbà tó padà, ọpọ́n ti di tuntun, ọmọ 4 nínú ilé kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, bóyá èmi ni mo tẹ nǹkan.”

Ṣé ẹ rí i? Ara ẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Àwọn tó kù ti ń kọ “ó dùn gan-an” sí mi láti ọjọ́ yìí. Mo wá bi wọ́n léèrè bóyá ìpè ti wọlé rí nígbà tí wọ́n ń ta ayò. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mẹ́rin!

Mẹ́mòrì fóònù ẹ̀ ò ju 2 GB lọ. Tí àyè bá há, Android máa ń pa áàpù tí kò sí lójú, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fóònù tèmi tóbi, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i rí. Àfi téèyàn bá tẹ “jáde” nìkan ni kóòdù mi ń tọ́jú eré. Ohun tí mo fi kún un nínú Unity nìyí:

```
void OnApplicationPause(bool paused) {
    if (paused) SaveGame();
}
```

Mo gbé ẹ̀dà tuntun sókè, mo sì fúnra mi pè é láti Dùgbẹ̀ nígbà tó ń ta ayò lọ́wọ́. Mo ní kó ṣí kámẹ́rà àti Fesibúùkù, kó wá padà sórí ọpọ́n.

“Àǹtí, ó wà níbẹ̀ o! Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ jàre, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀.”