Ọ̀rọ̀ Mélòó Ló Tó Àwòrán Kan?

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọlúàbí. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ro ẹjọ́ gígùn fún ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán.

Nígbà tí kíláàsì wa ń ṣe ìwé ìtàn, èmi ni mo fi Stable Diffusion 1.5 ya àwòrán rẹ̀. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ó ya ìyá arúgbó kan tó ń din àkàrà. Ó yà á. Mo fi kún un pé gèlè rẹ̀ pupa; ó pupa lóòótọ́. Nígbà tí mo tún ní kí ìró jẹ́ búlúù, kí agbòjò ní àwọ̀ ewé, kí abọ́ sì funfun, gèlè di búlúù, agbòjò di pupa. Ẹ̀rọ gbọ́ orúkọ gbogbo àwọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìkọ̀ọ̀kan mọ́.

Mi ò yí nọ́ńbà tó wà níwájú seed padà, kí ìyàtọ̀ tí mo bá rí lè jẹ́ ti ọ̀rọ̀ nìkan. Mo wá ń yọ àlàyé kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ abọ́ àti ti agbòjò ṣe kúrò, gèlè tún pupa, ìró sì jẹ́ búlúù.

Ààlà mìíràn tún wà: ègé ọ̀rọ̀ 75 ni ẹ̀rọ yìí lè kà lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ohun tí ìtàn kò lè ṣe aláìní ni mo ń kọ ṣáájú. Ìtàn wa dárúkọ gèlè àti ìró. Kò sọ nǹkan kan nípa àwọ̀ abọ́.