Bọ́tìnnì Kan, Ìtumọ̀ Méjì: Ohun Tí Òṣùwọ̀n Kajú Kọ́ Wa ní Bétérou

Ìgbà kajú ni, a sì ń ra ẹrù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní Bétérou. Lójoojúmọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ akọ̀wé wa ń wọn àpò, tó sì ń tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sínú fóònù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a máa ń sanwó, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ fóònù bá ti wí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ka ẹrù, ó sì rí i pé ohun tó wà nílẹ̀ fi kílò 86 dín sí ohun tí fóònù kà. Nígbà tí a yẹ àkọsílẹ̀ wò, a rí orúkọ ìyá àgbàlagbà kan lẹ́ẹ̀mejì: kílò 86, lẹ́yìn náà kílò 68. Àpò kan péré ni wọ́n gbé wá lọ́jọ́ náà. Ẹbí akọ̀wé wa sì ni wọ́n.

Ní 300 sẹ́fà fún kílò kan, owó tó tọ́ sí ìyá náà jẹ́ 20,400 sẹ́fà. Fóònù ní kí a san 46,200. Kò sí ẹni tó pe akọ̀wé náà ní olè, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó jókòó níbẹ̀ dákẹ́, irú ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń ba orúkọ ọmọ ènìyàn jẹ́. Ọmọ náà ní: "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì í tẹ̀ ni. 68 ni mo fẹ́ tẹ̀, mo tẹ 86. Ṣùgbọ́n mo ti fagi lé e. Fóònù bi mí, mo sì dá a lóhùn."

A ní kí ó ṣe é lójú wa bí ó ti ṣe é lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè jáde lójú fóònù: « Annuler cette pesée ? » Bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀, « Annuler » àti « OK ». Ó tẹ « Annuler ». Ìbéèrè náà kúrò, ṣùgbọ́n kílò 86 ṣì wà níbi tó wà. Ọmọ náà rò pé òun ti dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, fagi lé e." Ohun tí ètò náà gbọ́ ni pé, "Fi ìbéèrè yìí sílẹ̀, má ṣe nǹkan kan."

Àwa la jẹ̀bi, nítorí àwa la túmọ̀ ètò náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti òdìkejì ibodè ló fún wa. Ní Bétérou, ẹni tó ń sọ Nàgó, ẹni tó ń sọ Ìbàrìbá àti ẹni tó ń sọ Fúlàní ló ń pàdé nídìí òṣùwọ̀n kan, ṣùgbọ́n èdè Faransé ni gbogbo wọn fi kọ́ ìwé kíkà nílé ẹ̀kọ́. Ìdí nìyí tí a fi yan Faransé fún ojú fóònù. Àwa mẹ́ta la pín iṣẹ́ náà láàárín ara wa, a sì parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. A rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni, nítorí pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìlànà tí wọ́n ń pè ní gettext ni ètò náà ń lò, èyí tí iṣẹ́ GNU ti ń pín fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1995. Nínú ìlànà yìí, a máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ojú ẹ̀rọ yóò fi hàn sínú fáìlì kan lọ́tọ̀. Ìlà kan gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlà tó tẹ̀ lé e sì gbé ìtumọ̀. Ohun tí a kọ nìyí:

```
msgid "Cancel"
msgstr "Annuler"

msgid "Undo"
msgstr "Annuler"
```

Ẹni tó bá mọ Faransé yóò sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, òótọ́ sì ni. Nínú ọ̀pọ̀ ètò ńlá tó wà ní Faransé, « Annuler » ni a ń rí fún méjèèjì. Lábẹ́ « Édition », ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ dá ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà. Lábẹ́ ìbéèrè, ó túmọ̀ sí pé kí ẹ̀rọ má ṣe ohun tó ń bi wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún fi « annuler » sínú ìbéèrè fúnra rẹ̀, ìyàtọ̀ náà parẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà wá wà lórí ohun tí a fẹ́ ṣe àti lórí ọ̀nà tí a fi ń sá fún un.

Kí ló dé tí a kò rí i? Fáìlì kì í fi ojú fóònù han ẹni tó ń túmọ̀. Ìlà lẹ́yìn ìlà ló ń rí. Bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan bá sì jáde níbi mẹ́wàá nínú ètò náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wà nínú fáìlì, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sì lọ síbi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorí náà, a kò lè dá tún « Cancel » ibí yìí ṣe láìkan tàwọn ibi yòókù. A ní láti bẹ ẹni tó kọ ètò náà pé kí ó fi àmì sí i, tí yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà. `msgctxt` ni orúkọ àmì náà. Lẹ́yìn tó ti fi sí i, a kọ ọ́ báyìí:

```
msgid "Cancel this weighing?"
msgstr "Supprimer cette pesée ?"

msgctxt "delete-weighing"
msgid "OK"
msgstr "Supprimer"

msgctxt "delete-weighing"
msgid "Cancel"
msgstr "Garder"
```

Ní báyìí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ ka ìbéèrè náà yóò mọ èyí tó ń pa ìwọ̀n rẹ́ àti èyí tó ń dá a sí.

Nígbà tí a ti rí àṣìṣe yìí, a padà sídìí gbogbo iṣẹ́ náà. Ohun kejì tí a rí ni pé àwa mẹ́ta ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta túmọ̀ « Delete »: ẹnì kan kọ « Supprimer », ẹnì kan kọ « Effacer », ẹnì kẹta kọ « Enlever ». Akọ̀wé wa bi wá bóyá « Effacer » máa ń fi ẹ̀dà kan pamọ́, tí « Supprimer » kò sì ní fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni méjèèjì ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá rí ọ̀rọ̀ méjì, ó tọ́ kí ó rò pé nǹkan méjì ni. Bákan náà, ìwọ̀n àpò kan ní orúkọ mẹ́ta lójú fóònù wa: « entrée », « saisie » àti « enregistrement ». A tilẹ̀ rí ibì kan tí bọ́tìnnì ti wí pé « Enregistrer l'enregistrement ». A mú « pesée » fún gbogbo rẹ̀, nítorí pé òun ni ẹni tó bá ń sọ Faransé nídìí òṣùwọ̀n máa ń pè é. A kọ ọ̀rọ̀ tí a mú sínú ìwé kan, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, ọ̀kan ṣoṣo lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà a wá àwọn ọ̀rọ̀ tí a ti kọ̀ nínú fáìlì:

```
grep -n -i "effacer" fr.po
```

Bí àṣẹ yìí bá mú ìlà kankan jáde, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ohun kẹta ni ààyè. « Save » jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin. « Enregistrer » jẹ́ mọ́kànlá. Lórí fóònù kékeré tí akọ̀wé ń lò, « Enregist… » ló jáde. Ẹnì kan nínú wa ní kí a kọ « Sauver », ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rì sómi ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹlòmíràn ní kí a kọ « Valider ». Èyí kúrú, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì mìíràn ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òpin ọjọ́, nígbà tí a bá ń ti ìwé ọjọ́ náà pa. Bí a bá mú un, a ó tún ti bá ara wa níbi tí « Annuler » gbé wa dé. A ní kí ẹni tó kọ ètò náà to àwọn bọ́tìnnì sí orí ara wọn dípò ẹ̀gbẹ́ ara wọn, « Enregistrer » sì rí àyè tirẹ̀. Níbi tó ṣeé gé, a gé ohun tí kò gbé ìtumọ̀: « Imprimer le reçu » di « Imprimer », nítorí pé kò sí ohun mìíràn lójú ibẹ̀ tí a lè tẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ bọ́tìnnì ni a kì í gé.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń sọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ló gba ìrònú jù. A ti kọ́kọ́ kọ « Erreur : saisie %d non sauvegardée, poids invalide ». Gbogbo rẹ̀ ló tọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé kà á tán, kò mọ ohun tó kù tí òun yóò ṣe. A yí i padà sí « Pesée %d non enregistrée. Corrigez le poids. » Ó kọ́kọ́ sọ bóyá ìwọ̀n náà wọlé tàbí kò wọlé, ó sì sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. `%d` yẹn ni àyè tí ètò náà yóò fi nọ́ńbà sí. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá ṣèèṣì sọ ọ́ di `%s`, ètò náà lè kú lójijì. A máa ń fi `msgfmt -c fr.po` yẹ̀ ẹ́ wò kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ wa, òun a sì máa tọ́ka sí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ yìí kò mọ ìtumọ̀. Fáìlì wa àkọ́kọ́, tó ní « Annuler » méjì nínú, kò bá a ṣe wàhálà rárá.

Nítorí náà, ènìyàn ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, èdè wa ni a sì fi ń ṣe é. A máa ń fi fóònù lé akọ̀wé lọ́wọ́, a ó nawọ́ sí bọ́tìnnì, a ó sì bi í ní Yorùbá pé: "Bí o bá tẹ èyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?" Òun náà yóò fi Yorùbá dáhùn. Bí ó bá fún bọ́tìnnì méjì ní ìdáhùn kan náà, tàbí tó fún bọ́tìnnì kan ní ìdáhùn méjì, ọ̀rọ̀ Faransé náà kò dára tó, bí ó tilẹ̀ wà nínú ìwé atúmọ̀. Nígbà tí a bi í nípa « Garder », ó ní, "Ẹrù ìyá yóò wà níbẹ̀." Nípa « Supprimer », ó ní, "Yóò pa rẹ́."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, a pe àwọn àgbà jọ kí a tó sanwó. A fi wákàtí tí fóònù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n méjèèjì hàn wọ́n: ìṣẹ́jú méjì péré ló wà láàárín 86 àti 68. A tún fi ìbéèrè àtijọ́ náà hàn wọ́n, a ní kí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ Faransé dáhùn rẹ̀. Bàbá náà wo ojú fóònù pẹ́, wọ́n sì tẹ « Annuler ».

Ìyá gba 20,400 sẹ́fà wọn. Akọ̀wé padà sídìí òṣùwọ̀n.