Ohun Tó Wà Lábẹ́ Òórùn Fàníllà

Ní Oníru tí mo ń gbé, kọfí ti di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri. Láti ojú ọ̀nà tó lọ sí etíkun títí dé àárín àwọn ilé tó wà nínú ẹ́sítéètì, èèyàn kò ní í rìn jìnnà kó tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń lọ kóró kọfí. Púpọ̀ nínú kọfí náà ló ní orúkọ adùn mìíràn lára: kọfí oní-fàníllà, kọfí oní-káràmẹ́ẹ̀lì, kọfí alágbọn. Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Báwo ni òórùn wọ̀nyẹn ṣe ń dé inú kọfí? Ṣé wọ́n sì lè bo kọfí tí kò dára mọ́lẹ̀?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kàn mí ni pé àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Àǹtí, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta kọfí. Mo máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà ìsinmi. Ní ìsinmi tó kọjá, ọkùnrin kan gbé àpò kóró kọfí oní-fàníllà wá. Ó ní òun ní 20 kílò, àti pé owó kílò kan fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín sí iye tí Àǹtí fi ń ra kóró kọfí lásán. Bí Àǹtí bá rà á, owó ọjà oṣù náà tán nìyẹn. Wọ́n ní kó fi kílò kan sílẹ̀ kó sì padà wá lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ìwọ tó ò ń ka kẹ́mísìrì, bá mi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe irú kọfí bẹ́ẹ̀. Kò sí igi kọfí tó ń so èso olóòórùn fàníllà. Inú èso pupa kékeré ni wọ́n ti ń yọ kóró kọfí. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sì yan án. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá yan án tán, tó sì ti ń tutù, ni wọ́n ń fi adùn sí i, torí pé bí wọ́n bá fi í sí i ṣáájú, iná yóò lé òórùn náà lọ. Wọ́n á da kóró náà sínú ẹ̀rọ kan tó ń yí gbirigbiri bí èyí tí àwọn bírìkìlà fi ń po kọnkéré. Bó ṣe ń yí ni wọ́n á máa fọ́n èròjà olómi sí i lára díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo kóró yóò fi kàn án. Wọ́n lè jẹ́ kó yí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Fún kílò kan kọfí, 20 sí 30 gíráàmù èròjà ti tó.

Òórùn fúnra rẹ̀ kéré nínú èròjà olómi yìí. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni omi kan tó ki díẹ̀, tí kò ní òórùn, tí wọ́n ń pè ní pirọpilíìnì gláíkọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé òórùn náà káàkiri ara kóró. Ohun tó sì ń fún fàníllà ní òórùn rẹ̀ ni fanilíìnì. Láti ọdún 1874 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní ilẹ̀ Jámánì ti mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe é láìlo èso fàníllà rárá. Ìdí nìyẹn tí adùn fàníllà fi lè wọ́n pọ́ọ́kú, bí èso fàníllà gan-an tilẹ̀ gbówó lórí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé èròjà yìí kò tún kóró náà ṣe. Bí kóró bá ti gbó, ó ti gbó. Bí kòkòrò bá ti dá a lu, ihò rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí kóró kọfí oní-fàníllà ti rí gan-an nìyẹn: gbogbo rẹ̀ ló ń ta sánsán bákan náà.

Iye owó ni a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi adùn sí kọfí ti náwó lé ti kóró lásán: ó ra èròjà, ó lo ẹ̀rọ, ó sì san owó òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí ọjà rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju kóró lásán tó dára bákan náà lọ. Bó bá wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín, a jẹ́ pé kóró tó wà nísàlẹ̀ òórùn náà ti pọ̀ jù ní ẹ̀dínwó. Èyí kì í ṣe ẹ̀rí, àmọ́ ó tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ yẹ ọjà wò.

Lẹ́yìn náà, mo wọn 100 gíráàmù, mo sì tú u sórí bébà funfun lábẹ́ fèrèsé. Kóró náà ń dán, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú. Kọfí tí wọ́n bá yan títí tó fi dúdú máa ń dán, torí pé òróró inú rẹ̀ ti jáde síta. Ṣùgbọ́n bí kóró tí àwọ̀ rẹ̀ ṣì rọra pọ́n bá ń dán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n fi pa á lára ni. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Mo rí àwọn tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, mo rí àwọn tó ní ihò kòkòrò, mo sì rí àwọn tó funfun ràkọ̀ràkọ̀ láàárín àwọn yòókù. Àwọn èyí tó funfun yìí jẹ́ kóró tí wọ́n ká kó tó pọ́n. Bó ti wù kí wọ́n yan án tó, kì í pọ́n bí ẹgbẹ́ rẹ̀, adùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ti ẹ̀pà gbígbẹ. Nígbà tí mo ṣà tán, òkìtì àbùkù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo ṣa 100 gíráàmù kóró lásán tí Àǹtí ń rà láti Òkè Máńbílà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, èyí tí mo yọ kò kún ṣíbí kan.

Ó wá ku ẹnu. Mo lọ kóró méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí kò ní adùn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo fi 11 gíráàmù sínú ife kọ̀ọ̀kan, mo da 200 mílílítà omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná lé e, mo sì jẹ́ kó rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo kọ àmì sísàlẹ̀ ife kí Àǹtí má bàa mọ èwo ni èwo. A kò fi ṣúgà sí i, a kò sì fi wàrà sí i.

Nígbà tó ṣì gbóná, ife oní-fàníllà ló borí. Àǹtí fi imú gbọ́ ọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n dákẹ́. Nígbà tó tutù pátápátá, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní, "Ó ń korò lẹ́yìn ahọ́n mi, ó sì ń ṣe bíi páálí tí omi rin." Ife kejì tutù, àmọ́ ó ṣì dùn mu.

Ìdí rẹ̀ rèé. Òórùn fàníllà ń bá oru gòkè láti inú ife gbígbóná, imú sì ń gbà á kí ahọ́n tó ṣiṣẹ́. Fàníllà fúnra rẹ̀ kò ní dídùn ṣúgà. Oúnjẹ aládùn bí àkàrà òyìnbó àti áísìkiriìmù ló ti kọ́ wa pé bí a bá gbóòórùn rẹ̀, dídùn ló kàn. Bí kọfí náà ṣe ń tutù ni oru ń dín kù, ahọ́n á wá bá ìkorò pàdé láìsí ẹni tó gbè é lẹ́yìn. Fún ìdí yìí, adùn tí wọ́n fi kún un lè bo kọfí tó ti pẹ́ lórí igbá tàbí tí kò ní adùn tirẹ̀. Kò lè bo èyí tó ti bu tàbí tó ti kan, gẹ́gẹ́ bí ata àti curry kò ṣe lè bo ẹja tó ti rà.

Sírọ́ọ̀pù yàtọ̀ díẹ̀. Omi àti ṣúgà tí wọ́n sè pọ̀ ni, tí wọ́n fi èròjà olóòórùn àti ohun tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ sí. Inú ife ni wọ́n ń dà á sí, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti po kọfí. Bí wọ́n bá tẹ ìgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó fún yín ní 30 mílílítà, ṣúgà inú rẹ̀ lè tó 20 gíráàmù, ìyẹn ṣíbí tíì márùn-ún. Òun náà lè bo ìkorò mọ́lẹ̀, kódà ó lágbára ju òórùn lásán lọ. Àmọ́ ó ní ohun kan tó dára: ẹ lè ní kí wọ́n gbé kọfí náà wá láìfi í sí i, kí ẹ sì tọ́ ọ wò. Èyí tí wọ́n ti fi pa kóró lára kò ṣeé yọ mọ́.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń fi adùn sí kọfí. Ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ń mu kọfí Túbà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Túbà pè. Ohun tí wọ́n ń fi sí i ni ẹ̀ẹ̀rù, ẹ̀ẹ̀rù tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà fún àgbo àti ọbẹ̀ yìí gan-an. Wọ́n á yan án pẹ̀lú kóró kọfí, wọ́n á lọ wọ́n pọ̀, àwọn mìíràn á fi kànáfùrù kún un. Àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣéù Amadu Bamba gbà pé òun ló mú un bọ̀ láti Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí àwọn Faransé lé e lọ láti 1895 sí 1902. Ẹ̀ẹ̀rù náà ń ta lẹ́nu, wọ́n sì máa ń fi ṣúgà púpọ̀ mu ún, nítorí náà òun pẹ̀lú lè bo kóró tí kò dára. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe bóyá adùn wá láti inú igbó tàbí láti ilé-iṣẹ́ ni ìbéèrè. Ìbéèrè ni bóyá ẹni tó ń tà á yóò jẹ́ kí a rí kóró tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin náà dé. Àǹtí bi í lọ́jọ́ tí wọ́n yan kọfí náà. Kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ nìkan ló wà lára àpò. Wọ́n ní kó bá àwọn mú kóró kan náà wá tí wọn kò tíì fi adùn sí. Ó ní kò sí irú ẹ̀. Wọ́n dá àpò rẹ̀ padà fún un, wọ́n sì san owó kílò kan tí a ti tú. Ìyà kékeré kan ṣì kù fún mi: òróró fàníllà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí a fi lọ kọfí, ọjọ́ méjì gbáko ni gbogbo kọfí tó jáde níbẹ̀ fi ń rùn fàníllà, títí mo fi tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ eyín rẹ̀. Àwọn oníbàárà tó fẹ́ fàníllà ṣì ń rí i rà lọ́dọ̀ Àǹtí. Sírọ́ọ̀pù tí wọ́n sè fúnra wọn ni, nínú ìgò lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ife tí kò ní nǹkan kan nínú ju kọfí lọ.