Ohùn Òkè Kọ́ Ni Ìtẹnumọ́

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Olùkọ́ Yorùbá kan wà ní Ìbàdàn tí ó máa ń fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí àmì ohùn. Lójú tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti lè ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ láìwo ìwé, etí rẹ̀ ti là, kò sì sí èdè tí yóò ṣòro fún un láti gbọ́. Nígbà tí ẹni tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ fún ìsinmi ìbímọ, òun ni wọ́n ní kí ó di iṣẹ́ náà mú fún sáà kan, kí ó sì múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Ìbéèrè 60 ni abala Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ nínú ìdánwò náà ní, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lórí fáwẹ̀lì àti ìtẹnumọ́ sílébù.

Òfin kan ṣoṣo ni ó fún kíláàsì náà: "Ẹ wá ibi tí ohùn òkè wà nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ìtẹnumọ́ wà." Kì í ṣe pé ó ṣàdédé sọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò ló wò. Nínú tíṣà àti pépà, sílébù àkọ́kọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹnu mọ́ ni Yorùbá fún ní ohùn òkè, tí èyí tí ó tẹ̀ lé e sì gba ohùn ìsàlẹ̀. Òfin náà dùn mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú, nítorí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ọmọbìnrin tí ó mọ̀wé jù nínú wọn ni òfin yìí kọ́kọ́ tàn. Nínú ìdánwò àdánwò, olùkọ́ ka gbólóhùn "Is it a present?" sókè, ó ní kí wọ́n kọ sílébù tí ìtẹnumọ́ wà lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kọ ìkejì. Olùkọ́ fa igi lé e. Ọmọ náà dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ká wá ibi tí ohùn ti ga. Bí ẹ ṣe kà á, ìparí ọ̀rọ̀ náà ni ohùn yín ti ga." Olùkọ́ tún gbólóhùn náà kà lábẹ́nu. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ìbéèrè ni gbólóhùn yẹn, ohùn sì ń gòkè ní ìparí rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti ìwé atúmọ̀-èdè, ó sì wá mọ ibi tí òun ti ṣìnà. Ní Yorùbá, ara ọ̀rọ̀ ni ohùn wà. Ìbáà jẹ́ "Ọkọ́ ni" tàbí "Ṣé ọkọ́ ni?", ọkọ́ kì í di ọkọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn ló ni gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ohùn. Ọ̀rọ̀ kan náà lè ga nínú àlàyé kí ó sì wálẹ̀ nínú ìbéèrè. Ohun tí kì í kúrò lára sílébù tí a tẹnu mọ́ ni pé ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ó lágbára jù wọ́n lọ, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì mọ́ gaara. Àwọn sílébù yòókù ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Fáwẹ̀lì wọn máa ń kúrú, ó sì máa ń ṣá, débi pé kò jọ ọ̀kankan nínú fáwẹ̀lì àìránmúpè méje tí Yorùbá ní. Ẹnu kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ là kí ó tó kọjá.

Ìdí nìyí tí "present" fi jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, "pre" ni yóò gùn tí fáwẹ̀lì rẹ̀ yóò jọ ẹ inú ẹsẹ̀. "Sent" yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tí a gbé mì. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ń fi nǹkan lélẹ̀ níwájú àwọn ẹlòmíràn, "pre" ni yóò sáré kọjá, tí "sent" yóò sì jókòó dáadáa. Ẹni tí ó bá fún sílébù méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń ṣe, kò tí ì sọ èyí tí ó ń wí, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ga.

Ó tún rí ẹ̀tàn kejì nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọbìnrin náà. Àmì ìtẹnumọ́ inú ìwé atúmọ̀-èdè jọ àmì ohùn òkè, ṣùgbọ́n iwájú sílébù tí ó ni ín ni wọ́n ń fi í sí, kì í ṣe orí fáwẹ̀lì. Ọmọ náà ti rí "preˈsent", ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí "présent". Ó gbé àmì náà fún sílébù tí kò ni ín.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ sọ fún kíláàsì pé òfin òun kò pé, ó sì pa igi tí ó fà fún ọmọ náà rẹ́. Ó ní kí wọ́n gbàgbé ìyáàlù, tí a ń fún ọṣán rẹ̀ kí ohùn lè yí, kí wọ́n fara wé gúdúgúdú, tí kò ní ọṣán tí à ń fún. Wọ́n ń lu tábìlì: ìlù kan tí ó wúwo tí ó sì pẹ́ fún sílébù tí a tẹnu mọ́, ìlù fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yára fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, bí àlàyé àti bí ìbéèrè, láìjẹ́ kí ìlù náà yí padà.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n bọ́ sórí gígùn fáwẹ̀lì. Yorùbá náà ní fáwẹ̀lì tí ó gùn, bí ti aago àti òótọ́. Ṣùgbọ́n sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà kò sí ohun tí ń gé fáwẹ̀lì kúrú láti ẹ̀yìn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó wà. Nínú "beat", t tí kò kùn yùn gé fáwẹ̀lì náà kúrú. Nínú "bead", d tí ó kùn yùn jẹ́ kí ó fà. Nígbà púpọ̀, d ìparí náà kì í dún sókè, gígùn fáwẹ̀lì ni olùgbọ́ fi ń mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pè wọ́n ní bíìtì àti bíìdì ti fi fáwẹ̀lì kún ìparí wọn, ó sì ti mú gígùn wọn dọ́gba.

"Live" àti "leave" ló le jù. Ẹni tí ó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ máa gbé ibì kan lè sọ fún àlejò pé òun fẹ́ kúrò níbẹ̀. Gígùn nìkan kò tó níhìn-ín. Fáwẹ̀lì "leave" gùn, ó sì súnmọ́ i inú igi. Ti "live" kúrú, ẹnu sì dẹ̀, ó wà láàárín i àti e. Ẹni tí ó kàn fa i gùn tàbí tí ó gé e kúrú kò tí ì dé ibẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá àtúnṣe náà ń wọlé, akẹ́kọ̀ọ́ kan a kọ ẹ̀yìn sí ẹnìkejì rẹ̀, a sì ka ọ̀rọ̀ mẹ́wàá láti inú irú méjì yìí ní pọ̀ọ́pọ̀. Ẹnìkejì a kọ ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá gba márùn-ún, àbá lásán ló ń dá. Etí rẹ̀ kò tí ì rí ìyàtọ̀ kankan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, márùn-ún ni ẹni tí ń gbọ́ ọmọbìnrin náà gbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gba mẹ́jọ, méjì tí ó kù sì jẹ́ "live" àti "leave".

Olùkọ́ kò sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú pópó. Láàárín ara wọn, ìyókù gbólóhùn ti ń sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn. Nígbà tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì padà dé láti ìsinmi, ó bá gbólóhùn kan lójú pátákó tí kò tí ì parẹ́: "Ẹ má ṣe wá ohùn òkè. Ẹ wá sílébù tí wọn kò rẹ́ jẹ."