Ẹ wo bíìlì iná yín dáadáa

Ẹ̀yin ará wa ní Oníṣà, bíìlì 19,740 náírà ni wọ́n gbé wá fún wa ní GRA lóṣù tó kọjá. A ò sáré sanwó. A yọ nọ́ńbà mítà ti tẹ́lẹ̀, 4,210, kúrò nínú ti tuntun, 4,330. Ó ku yúníìtì 120. Ní náírà 60 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 7,200. Owó-orí ìdá 7.5 nínú 100 jẹ́ 540. Àpapọ̀ 7,740. Owó dandan oṣooṣù kò sí níbẹ̀, àjọ NERC ti fagi lé e láti 2016.

12,000 yòókù wá ńkọ́? Gbèsè àtẹ̀yìnwá ni wọ́n pè é, owó tá a ti san! Ìgbà tá a mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì wọn ni wọ́n tó yọ ọ́. Ẹ má ju rìsíìtì nù o.