Ta ni kí n má tíì sanwó fún?

Ká ní àbúrò ẹni fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láti Oǹdó sí Àkúrẹ́ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kókó ti wọ mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún a". Ó tán. Ṣé awakọ̀ ni àbí alágbàṣe?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré bá ti wọ̀ ọ́, ó di 70. Bó bá lé, wọ́n á gé e sí abala oní-67, abala kejì sì lè má dé. (Ẹni tó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń jìyà jù!)

Bí ẹ̀gbọ́n bá ní "Kí lo wí?", odindi rẹ̀ ni àbúrò á tún fi ránṣẹ́, wọ́n á sì tún gé e. Bó bá béèrè nǹkan méjì pọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo ló máa gbà, kò sì ní mọ èyí tó ń dáhùn. Kó kúkú kọ ọ́ báyìí: "'Sanwó fún a' ni mo rí kẹ́yìn. Ta ni?" Ọ̀rọ̀ kan ni èsì rẹ̀: "Awakọ̀."

Kí èsì yẹn tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀.